Àláàtì ti wọlé, ṣé owó náà ti wọlé? Bí ẹ ṣe máa mọ àláàtì ayédèrú kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ìbéèrè kan ni àwọn tó ń tajà ń bi mí lemọ́lemọ́: "Kí ni mo máa wò lára àláàtì kí n tó mọ̀ pé ayédèrú ni?" Mo ti dáhùn rẹ̀ lẹ́nu títí, ó wá yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdáhùn mi kì í kọ́kọ́ tẹ́ àwọn kan lọ́rùn, torí ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n má wo àláàtì rárá. Àkáǹtì yín ni kí ẹ wò.

Àwọn àmì kan wà lóòótọ́ tí a fi ń dá àláàtì ayédèrú mọ̀, màá sì sọ wọ́n nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì máa ń tú àwọn tí kò mọṣẹ́ fó ni. Ẹni tó mọṣẹ́ dáadáa máa ṣe àláàtì tí kò ní àbùkù kankan, ìyẹn ló sì ń kó ọjà ńlá lọ. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, lẹ́yìn náà ká wá to ìgbésẹ̀ tí ẹ máa tẹ̀ lé.

## Bí ayédèrú ṣe ń bọ́ sí àárín àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì yín

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí orúkọ báńkì bá ti wà lórí àtẹ̀jíṣẹ́, báńkì ló fi í ránṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ló ń yan orúkọ tó máa hàn lórí rẹ̀. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa bá èèyàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irú èyí tí ẹgbẹ́ fi ń pe ìpàdé tàbí tí ilé ìwé fi ń ké sí òbí. Lórí irú ètò bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ kọ orúkọ tí ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn rí, lẹ́tà 11 ló pọ̀ jù. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó ń yẹ orúkọ yìí wò kó tó jáde, gbájúẹ̀ lè kọ orúkọ báńkì yín síbẹ̀, lẹ́tà fún lẹ́tà.

Ibi tó burú sí ni èyí: fóònù yín kò mọ ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti wá. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ló fi ń to àtẹ̀jíṣẹ́ jọ. Tí orúkọ ayédèrú bá ti bá ti báńkì mu, abẹ́ àwọn àláàtì tòótọ́ tí ẹ ti ń gbà láti ọdún mélòó kan ni fóònù máa tò ó sí. Ẹ máa rí àláàtì àná, ti ìjẹta, àti ti owó oṣù tó kọjá, ayédèrú náà á sì jókòó sí ìsàlẹ̀ wọn bí ọmọ ìyá wọn. Nítorí náà, "inú àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì mi gan-an ló ti wọlé" kì í ṣe ẹ̀rí pé owó dé.

Ọ̀nà kejì kò tiẹ̀ kan fóònù yín. Oníbàárà á na fóònù tirẹ̀ sí yín, ẹ ó sì rí rìsíìtì tó ní àmì báńkì, orúkọ yín, nọ́ńbà àkáǹtì yín, pẹ̀lú `Successful` tí wọ́n fi àwọ̀ ewé kọ. Áàpù wà tó jẹ́ pé kí wọ́n máa ya irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ lè rí i tí ó ń tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ lójú yín, tí nǹkan ń yí lójú fóònù bíi pé owó ń lọ, kí ìwé owó sì jáde lẹ́yìn rẹ̀. Pé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ kò sọ ọ́ di òótọ́.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn áàpù tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ báńkì ṣe orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, kó fi àmì báńkì síbi tí àwòrán ojú rẹ̀ ì bá wà. Tó bá ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, orúkọ báńkì ló máa yọ lókè ojú fóònù yín. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí kò ní mọ̀ pé ibòmíràn ló ti yọ. Lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ń rí bẹ́ẹ̀: orúkọ tó hàn kò ju orúkọ lọ, àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń sọ ibi tó ti wá.

## Àláàtì tí ìṣirò rẹ̀ pé, síbẹ̀ tó jẹ́ ayédèrú

Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ fún ọlọ́jà ni pé kó wo iye owó tó kù nínú àkáǹtì lórí àláàtì, torí gbájúẹ̀ kò lè mọ iye tó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta fóònù àlòkù. Mi ò ní dárúkọ irú owó tó jẹ́, iye lásán ni màá kọ, kí ẹ fi owó tí ẹ̀yin ń ná kà á. Mo sì ti yọ owó iṣẹ́ tí báńkì ń gé kúrò kí ìṣirò lè yé wa.

Ní òwúrọ̀, 64,200 ló wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Ọkùnrin kan wọlé, ó ra kéèsì fóònù ní 3,000, ó sì fi owó ránṣẹ́ lóòótọ́. Àláàtì wọlé, ó gbé 67,200 jáde gẹ́gẹ́ bí owó tó kù. Ọkùnrin náà bi í pé, "Àǹtí, ṣé ó ti dé?" Ẹ̀gbọ́n mi yí fóònù sí i pé kó wò ó. Ohun tó wá fún náà nìyẹn. Ó ti rí iye tó wà nínú àkáǹtì, ó ti rí bí báńkì náà ṣe ń to ọ̀rọ̀ àláàtì rẹ̀, ó ti rí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà àkáǹtì, ó sì ti rí orúkọ tí báńkì fi ń ránṣẹ́.

Ó padà wá ní ọ̀sán, ó ní òun ti rí fóònù kan tí òun fẹ́ ní àárọ̀, 185,000. Ó dúró síwájú rẹ̀, ó tẹ fóònù rẹ̀, ó ní owó ti lọ. Láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí wọlé sábẹ́ àwọn àláàtì báńkì:

```
Credit
Amt: 185,000.00
Acc: ******4821
Desc: TRANSFER
Bal: 252,200.00
```

Ẹ̀gbọ́n mi fi orí ṣírò rẹ̀. Owó tó wà níbẹ̀ lórí àláàtì ti òwúrọ̀ ni 67,200. Tí a bá fi 185,000 kún un, 252,200 ló jẹ́. Ó bára mu. Ó gbé fóònù fún un. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó fẹ́ sanwó ọjà tó kó, báńkì ní owó tó wà níbẹ̀ kò tó.

Nígbà tí a jọ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà ní alẹ́, a rí nǹkan méjì. Èkíní, àláàtì tòótọ́ ti òwúrọ̀ kọ orúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ sí ibi `Desc`, ṣùgbọ́n ti ọ̀sán kọ `TRANSFER` lásán. Èkejì ló dùn mí jù: láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, oníbàárà mìíràn ti san 5,500. Owó tó wà nínú àkáǹtì kí ọkùnrin náà tó padà dé kì í ṣe 67,200 mọ́, ó ti di 72,700. Tí 185,000 bá wọlé lóòótọ́, 257,700 ni àláàtì ì bá gbé jáde. Iye ti òwúrọ̀ ni gbájúẹ̀ náà ní lọ́wọ́, òun ló sì fi ṣírò. Ẹ̀gbọ́n mi náà sì fi iye ti òwúrọ̀ ṣírò, torí òun àti ẹni náà jọ ti rí i papọ̀, iye yẹn ló sì wà lọ́kàn rẹ̀.

Ká ní kò sí ẹni tó san 5,500 yẹn ńkọ́? Àláàtì náà ì bá pé láìní àbùkù níbi ìṣirò. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má gbé ìdájọ́ lé àláàtì nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo mọ̀ pé kí wọ́n má yí ojú fóònù wọn sí oníbàárà láé. Tó bá bi yín pé ṣé owó ti dé, ẹnu ni kí ẹ fi dá a lóhùn.

## Ìgbésẹ̀ tí ẹ máa tẹ̀ lé kí ẹ tó gbé ọjà sílẹ̀

1. Ẹ fi ọjà sọ́dọ̀ yín. Kó wà lẹ́yìn káńtà tàbí lábẹ́ ọwọ́ yín títí ẹ ó fi parí àyẹ̀wò. Ẹ má dì í sínú báàgì kí ẹ gbé e fún un "kó máa mú un dání". Ọjà tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣòro láti gbà padà láìsí ariwo.

2. Ẹ bi í ní orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tó fi sanwó. Ẹ bi í kí ẹ tó ṣí áàpù yín. Orúkọ yìí ni ẹ máa wá bá nínú àkọsílẹ̀ yín. Ẹni tó sanwó lóòótọ́ máa dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

3. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín fúnra yín, lórí fóònù yín. Láti ibi tó wà lójú fóònù ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ má tẹ ìlà kankan tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ láti fi dé ibẹ̀, torí ìlà náà lè gbé yín lọ sí ojúlé ayédèrú tí wọ́n ti fẹ́ gba ọ̀rọ̀ aṣínà yín.

4. Ẹ jẹ́ kí ojú áàpù tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ fi ìka fà á wálẹ̀, tàbí kí ẹ jáde kí ẹ tún wọlé. Àwọn áàpù kan máa ń gbé iye tí wọ́n rí gbẹ̀yìn jáde nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ẹ lè rò pé ti ìsinsìnyí ni.

5. Ẹ wọ inú àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Ẹ má wo àpapọ̀ owó nìkan. Tí oníbàárà mẹ́ta bá sanwó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, àpapọ̀ máa lọ sókè, ẹ kò sì ní mọ ti ta ló dé. Ẹ wá ìlà tó ní iye yẹn gan-an, orúkọ tó fi dá yín lóhùn, àti àkókò tó bá ìsinsìnyí mu.

6. Ẹ wò ó bóyá owó náà ṣeé ná. Tí áàpù yín bá ń gbé iye méjì jáde, èyí tí ẹ lè ná lónìí ni kó lọ sókè. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níwájú.

7. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá gbé ọjà fún un. Orúkọ, iye, àkókò. Ìlà kan nínú ìwé ti tó.

Gbogbo èyí kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára. Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni àwọn èèyàn máa ń fò jù, ó sì jẹ́ òun gan-an ni ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kún kò gbọ́dọ̀ fò. Gbájúẹ̀ fẹ́ràn ìsọ̀ tó kún, torí owó ẹlòmíràn tó wọlé máa bò ó mọ́lẹ̀.

## Tí áàpù kò bá ṣí, tàbí tí owó kò bá tíì hàn

Owó tòótọ́ máa ń pẹ́ nígbà mìíràn. Báńkì lè yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó kí ó má tíì dé ọ̀dọ̀ yín, áàpù tirẹ̀ á sì ti kọ `Successful`. Ó tún lè jẹ́ pé `Pending` ló wà níbẹ̀ tí kò fi ojú sí i. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì hàn ni olè, ẹ má sì bá a sọ̀rọ̀ bí olè. Ẹ sọ fún un pé: "Ẹ má bínú, owó ò tíì hàn lọ́dọ̀ mi. Ẹ jókòó díẹ̀, tó bá ti hàn báyìí, ọjà yín nìyí." Ọ̀rọ̀ yìí kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, kò sì ṣí ilẹ̀kùn fún àríyànjiyàn lórí rìsíìtì rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe nígbà tí ẹ ń dúró:

- Tí kò bá sí dátà, ẹ lo kóòdù tí báńkì yín fún yín láti máa fi wo àkáǹtì lórí fóònù láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi pamọ́ sórí fóònù yín lónìí, kó má jẹ́ ọjọ́ tí wàhálà bá dé ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a.
- Ẹ pe báńkì yín. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tí oníbàárà bá kà fún yín, kì í sì í ṣe èyí tó wà nínú àláàtì.
- Ẹ ní kó san owó náà lọ́nà mìíràn, kí ó sì bá báńkì rẹ̀ yanjú èyí àkọ́kọ́. Owó tí kò bá dé ọ̀dọ̀ yín, báńkì rẹ̀ ló máa dá a padà fún un.
- Ẹ gba owó díẹ̀ ní kéèṣì, kí ẹ bá a tọ́jú ọjà títí owó fi máa hàn, kí ó sì padà wá gbé e.

Ní Nàìjíríà, owó tó ń lọ láti báńkì kan sí òmíràn lórí ètò NIP máa ń ní nọ́ńbà kan tí rìsíìtì ń pè ní `Session ID`. Nọ́ńbà 30 ló jẹ́, ó sì ní bí wọ́n ṣe tò ó: mẹ́fà àkọ́kọ́ dúró fún báńkì tí owó ti jáde, 12 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá, 12 tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ ti owó yẹn nìkan. Tí wọ́n bá kọ `240517143205` sí àárín rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ní agogo méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 32 àti ìṣẹ́jú-àáyá 5. Tí rìsíìtì tí wọ́n nà sí yín bá ní nọ́ńbà tí kò pé 30, tàbí tí ọjọ́ tó wà láàárín rẹ̀ kì í ṣe òní, ọ̀rọ̀ ti yé yín. Ṣùgbọ́n tó bá pé, kò tíì di ẹ̀rí, torí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó lè tò ó. Ìwúlò rẹ̀ gan-an ni pé kí ẹ ka nọ́ńbà náà fún báńkì yín, kí wọ́n fi wá owó náà.

## Àwọn àmì tó ń tú àwọn tí kò mọṣẹ́ fó

Ẹ lo àwọn wọ̀nyí láti fura. Ẹ má lò wọ́n láti fi ọkàn balẹ̀.

- Nọ́ńbà fóònù lásán ló fi àláàtì ránṣẹ́, tàbí orúkọ náà fẹ́ jọ ti báńkì ṣùgbọ́n òdo wà níbi tí O yẹ kó wà, tàbí I ńlá níbi tí l kékeré yẹ kó wà.
- Àláàtì náà dá wà lójúlé tirẹ̀, kò sí lábẹ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀.
- Kò sí iye tó kù nínú àkáǹtì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ báńkì yín máa ń kọ ọ́. Tàbí ó wà, ṣùgbọ́n kò bá iye tí ẹ ní mu.
- Iye nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fi ìràwọ̀ bò yàtọ̀ sí bí báńkì yín ṣe ń bò ó.
- Ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú rẹ̀ tí báńkì kì í sọ: pé owó máa hàn láàárín wákàtí 24, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á, pé kí ẹ tẹ ìlà kan kí owó lè jáde.

Ìwà oníbàárà náà ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ra ọjà olówó ńlá láìdúnàádúrà, tí kò bèèrè ohunkóhun nípa ọjà náà, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ fẹ́ pa ìsọ̀ dé ló wọlé, tó ní ọkọ̀ ń dúró de òun, ẹ fi ojú sí i. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọkùnrin yẹn kò tan fóònù tó rà láti wò ó. Ta ló ń ra fóònù àlòkù láìtàn án?

## Ìgbà tí àláàtì jẹ́ òótọ́ tí owó náà kò tíì jẹ́ tiyín

Mo ní kí ẹ wo iye tó ṣeé ná ní ìgbésẹ̀ kẹfà. Tí ẹnì kan bá lọ san ṣẹ́ẹ̀kì sínú àkáǹtì yín, báńkì lè fi àláàtì ránṣẹ́ sí yín lóòótọ́. Owó náà á hàn nínú ìwé àkáǹtì, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè ná an títí báńkì tó ni ṣẹ́ẹ̀kì fi máa sọ pé ó dára. Tí kò bá dára, wọ́n á yọ ọ́ padà. Àwọn gbájúẹ̀ mọ ààlà yìí, òun ni wọ́n ń lò fún ọjà tó wọ́n gan-an. Ẹ wo àláàtì dáadáa: tí iye méjì bá wà níbẹ̀, èyí tó ń jẹ́ `Available` ni tiyín.

Èkejì ni ti owó tó pọ̀ ju ti ọjà lọ. Oníbàárà á ní òun fi owó ránṣẹ́ jù, kí ẹ fi èyí tó lé ránṣẹ́ padà, tàbí kí ẹ fún ọlọ́kọ̀ tó ń bọ̀ wá kó ẹrù. Rìsíìtì ayédèrú ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, kéèṣì yín ló sì ń wá. Tí owó bá lé lóòótọ́, àkáǹtì tó ti wá gan-an ni kí ẹ dá a padà sí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé ó ṣeé ná. Ẹ má dá a padà sí àkáǹtì mìíràn, ẹ má sì fún ẹnì kẹta.

Fún àwọn tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà tó ń sọ pé owó yín wà nílẹ̀, pé báńkì di í mú títí ẹ ó fi gbé ọjà jáde kí ẹ sì fi nọ́ńbà ẹrù ránṣẹ́. Báńkì kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà ẹrù yín. Tí ẹ bá ń tajà lórí ètò kan tó máa ń di owó mú fún olùtà àti olùrà, ẹ wọ inú ètò náà fúnra yín kí ẹ wò ó níbẹ̀. Lẹ́tà kì í ṣe ètò náà.

## Tí ọmọṣẹ́ yín ló wà ní ìsọ̀

Ibi tí ọjà ti ń lọ jù nìyí. Ọmọ náà kò lè ṣí áàpù yín, kò sì yẹ kó ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín, rìsíìtì ojú fóònù oníbàárà nìkan ló kù fún un láti gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ ṣí àkáǹtì kan fún ìsọ̀ nìkan, kí owó ọjà máa wọ ibẹ̀. Àwọn báńkì kan gbà kí ẹlòmíràn wọlé wo àkọsílẹ̀ láìlè fi owó ránṣẹ́. Ẹ bi báńkì yín bóyá wọ́n ní i. Tí kò bá sí, ẹ gbé fóònù kékeré kan tí àláàtì àkáǹtì náà ń wọ̀ sí ìsọ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà mọ̀ pé ìpè lórí fóònù sí yín ló ń parí ọ̀rọ̀. Òun á pè yín, á dárúkọ ẹni náà àti iye, ẹ ó wo áàpù, ẹ ó ní "ó ti wọlé" tàbí "kò tíì wọlé".

Ẹ sọ fún un kedere pé ẹ kò ní bínú sí i tí oníbàárà bá fi ìbínú lọ nítorí pé ó ní kí ó dúró. Mo ti rí ọmọṣẹ́ tó fura, tó sì gbé ọjà sílẹ̀ torí ó ń bẹ̀rù pé ọ̀gá á ní òun lé oníbàárà dànù. Ẹ lè kọ èyí mọ́ ẹ̀yìn káńtà fún un:

- Mi ò wo fóònù oníbàárà.
- Mi ò yí fóònù ìsọ̀ sí oníbàárà.
- Mo bèèrè orúkọ tó wà lórí àkáǹtì.
- Mo pe ọ̀gá, mo gbọ́ ohùn ọ̀gá.
- Ọjà wà lọ́dọ̀ mi títí ọ̀gá fi ní "ó ti wọlé".

"Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá" ní ìdí. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní "ó ti wọlé, fún un" lè wá láti ọwọ́ gbájúẹ̀ kan náà.

## Tí ọjà bá ti lọ

Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, bó ti wù kó bí yín nínú tó. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, kí ọjọ́ àti àkókò hàn níbẹ̀, kí ẹ sì tún ya ti àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín ní àkókò kan náà, èyí tí kò sí owó náà níbẹ̀. Méjèèjì papọ̀ ni ẹ̀rí yín.

Ẹ pe báńkì kí wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ń fi orúkọ wọn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé báńkì kò ní owó kankan láti dá padà fún yín, torí kò sí owó tó wọlé rárá. Ọjà ni wọ́n jí. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ náà wà, ẹ sì gbé àwòrán méjèèjì yẹn lọ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí ẹni náà lò, àkókò tó wọlé àti bó ṣe rí. Tí kámẹ́rà bá wà ní ìsọ̀ yín tàbí ti aládùúgbò yín, ẹ lọ gba àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà máa ń kọ tuntun lé èyí tó ti pẹ́ lórí. Tó bá jẹ́ fóònù ni ọjà náà, nọ́ńbà IMEI rẹ̀ tó wà lára páálí ni ọlọ́pàá máa bèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà yẹn, páálí sì ti bá fóònù lọ. Ní báyìí, ó máa ń tẹ `*#06#` lórí gbogbo fóònù tó bá wọ ìsọ̀ rẹ̀, á sì kọ nọ́ńbà tó bá jáde sínú ìwé kó tó gbé e sórí àtẹ.

Tí ẹni náà bá kọ́kọ́ ra nǹkan kékeré tó sì sanwó rẹ̀ lóòótọ́, bíi ti ẹni tó ra kéèsì yẹn, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Owó kékeré yẹn wá láti àkáǹtì kan, àkáǹtì náà sì ní orúkọ. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ yín. Ẹ ya á, ẹ fi kún ohun tí ẹ máa gbé lọ bá ọlọ́pàá.